Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí sáfà tó ń dákú

“Bí a bá ti ṣí títa tíkẹ́ẹ̀tì, èrò a ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, sáfà a sì dákú. Ṣé kí n fi sáfà kún un ni?”

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ dá sí i. Ẹni tó ní kí n ra sáfà sí i, kí n sì fi `least_conn` ti Nginx pín èrò, tọ̀nà dé ìdajì. Ẹrù pín lóòótọ́, ṣùgbọ́n dátábéèsì PostgreSQL kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń rọ́ lù, `max_connections` rẹ̀, ìyẹn iye ìsopọ̀ tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà, sì jẹ́ 100 bí a kò bá yí i padà. Sáfà 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ìsopọ̀ 30 ti kọjá ìyẹn.

Ọ̀gá tó ní kí n kọ́kọ́ ka ìwé àṣìṣe ló tú u. Ohun tó wà níbẹ̀ ni `remaining connection slots are reserved`, ìyẹn ni pé ààyè ìsopọ̀ dátábéèsì ti tán. Ní báyìí, sáfà kàn ń to ìbéèrè sórí ìlà RabbitMQ, ètò tó ń tọ́jú iṣẹ́ títí a ó fi ṣe é, ó sì ń dá `202 Accepted` padà, pé a ti gbà á ṣùgbọ́n a kò tíì parí rẹ̀, nígbà tí wọ́kà díẹ̀, àwọn ètò tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́kà bá kú kó tó jẹ́wọ́ iṣẹ́, RabbitMQ yóò tún iṣẹ́ náà gbé fún òmíràn, nítorí náà ni mo ṣe fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà tí dátábéèsì kò ní gbà lẹ́ẹ̀mejì.

Arábìnrin tó mẹ́nu ba SMS tirẹ̀ ní ìlà rẹ̀ lè gùn bó ṣe wù ú. Tèmi kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí oníbàárà ń dúró. Mo ti fi `x-max-length` dín gígùn ìlà náà kù, mo sì fi `reject-publish` kọ ìbéèrè tuntun bí ó bá ti kún, ṣùgbọ́n iye tó yẹ kí n fi síbẹ̀ ni mo ṣì ń wọ̀n.