Ṣé «pípín» la ó pe máàkì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ bá tún wọ̀n?

Olùbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń túmọ̀ ìwé ìlànà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ibì kan ń sọ bí máàkì iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ṣe ń di ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti wọn ipa tó kó. Ibòmíràn ń sọ ibi tí máàkì àṣekágbá rẹ̀ lè já sí. «Pípín máàkì» ni mo kọ fún ti àkọ́kọ́, «àsọtẹ́lẹ̀ máàkì» fún ìkejì. Ṣé wọ́n bójú mu?

Atúmọ̀ èdè: «Pípín» dára gan-an, ó yé tọmọdé tàgbà. Àwọn tó jọ ṣiṣẹ́ ló ń jọ pín èrè. «Àsọtẹ́lẹ̀» ni mi ò fara mọ́, nítorí iṣẹ́ wòlíì nìyẹn.

Olùkọ́ ìṣirò: Ẹ má bínú sà, «pípín» gan-an ló ń dà mí láàmú. Bí èèyàn mẹ́rin bá pín 70, 17.5 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń gba 17.5 níbí. Ohun tí wọ́n ń ṣe rèé: ẹnì kọ̀ọ̀kan á fún àwọn mẹ́ta yòókù ní àmì láti 1 dé 5, kò sì ní fún ara rẹ̀. Ká ní àròpọ̀ àmì tí wọ́n gbà jẹ́ 12, 10, 10 àti 8. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 10. Ẹ wá fi 10 pín ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí 1.2, 1, 1 àti 0.8. Ìyẹn ni yóò sọ 70 di 84, 70, 70 àti 56. Wọ́n tún máàkì wọ̀n ni. «Ìtúnwọ̀n» ni èmi ì bá pè é.

Atúmọ̀ èdè: Ẹ ṣé, ọ̀gá. Àmọ́ ẹ ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀: 280 ni, ìyẹn 70 lọ́nà mẹ́rin. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi ju 70 lọ náà ni ẹni ìkẹrin fi dín. Kí la ń pè ní pípín bí kì í bá ṣe èyí?

Olùkọ́ ìṣirò: Ẹ mú mi níbẹ̀. Òótọ́ ni, àfi nígbà tí máàkì ẹgbẹ́ bá ga. Ẹ fi 90 sípò 70: ẹni àkọ́kọ́ á ní 108, wọ́n á gé e sí 100, mẹ́jọ tí wọ́n gé kò sì lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Àròpọ̀ á di 352 dípò 360. Ohun tí a bá pín kì í ṣòfò báyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ tèmi rèé. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ wa ń fún ara wọn ní 5, wọ́n sì fún èmi ní 2, èmi tí mo kọ ìdajì iṣẹ́ náà. Kí ni Yorùbá ń pe irú èyí?

Olùkọ́ ìṣirò: Pẹ̀lẹ́ o. Àbòsí ni. Lọ bẹ olùkọ́ rẹ kó wo àmì náà bí olúkúlùkù ṣe fún un, kó má wo àròpọ̀ nìkan. Bí ẹni ìkẹta bá fún ọ ní 5, tí àwọn méjì yìí fún ọ ní 2, ìyàtọ̀ náà á hàn gbangba. Ìpalára rẹ̀ á sì dín kù bí wọ́n bá ní kí ìdajì máàkì nìkan yí padà: ẹni tó ní 0.8 á gba 63 dípò 56.

Olùbéèrè: Ti ìkejì ńkọ́? Ṣé «ìfojúbù» á ṣe é?

Olùkọ́ ìṣirò: Á ṣe é dáadáa, nítorí a máa ń fojú bu ohun tí kò tíì pé. Ẹ wo ẹni tó ní 56 yẹn. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kó 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdánwò kékeré kó 20, ìdánwò àṣekágbá tí wọn ò tíì ṣe kó 50. Ó gba 60 nínú ìdánwò kékeré, ìyẹn 12. Pẹ̀lú 70, ó ní 21 lé 12, àpapọ̀ 33 nínú 50, ìfojúbù rẹ̀ sì jẹ́ 66. Pẹ̀lú 56, ó ní 28.8, ìfojúbù já sí 57.6. Ó dà bíi pé ó pàdánù 8.4, bẹ́ẹ̀ 4.2 péré ló lọ nínú máàkì gan-an. Ìyókù wá láti inú gbígbà pé yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá bó ṣe ṣe àwọn ti ìṣáájú. Bó bá fẹ́ 60, 62.4 ló gbọ́dọ̀ gbà níbẹ̀. 54 ni ì bá tó o tẹ́lẹ̀.

Atúmọ̀ èdè: Mo gba «ìfojúbù». Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tó ti wà nílẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n «ìtúnwọ̀n» nìkan kò sọ ẹni tó wọ̀n ọ́n. «Ìtúnwọ̀n ẹlẹgbẹ́» ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́: Ìyẹn á dà bíi pé ẹlẹgbẹ́ ni wọ́n ń wọ̀n o.

Olùbéèrè: Òótọ́ ni. Màá kọ «máàkì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ tún wọ̀n» fún ìsinsìnyí, bó tilẹ̀ gùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀, mò ń retí yín.