Ìpọ́n tàbí ìgbó: orúkọ wo ni ó yẹ ọjọ́ orí tí eléré ń dára jù?

Atọ́kùn Rédíò, Yàbá:
Ẹ̀yin àgbà èdè, mo ń múra ètò eré ìdárayá sílẹ̀. Mo pe ọjọ́ orí tí eléré ti ń dára jù ní "ọjọ́ orí ìpọ́n". Ṣé ó tọ̀nà? Kí ló sì dé tí ti atàkìtì fi ń yá ju ti asáré kúkúrú lọ, tí ti asáré ọ̀nà jíjìn fi ń pẹ́, tí ti agbágọ́ọ̀fù sì ń pẹ́ jù?

Baba Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ọmọ mi, mo kí ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o dá yìí kò dùn mọ́ mi nínú. Bí ará Èkó bá gbọ́ "ìpọ́n" lórí rédíò láàárọ̀ kùtùkùtù, kí o tó parí gbólóhùn rẹ, ọkàn rẹ̀ á ti lọ sí ìpọ́njú. Ohun tí ó tún bí mi nínú ni pé o kò bi ara rẹ léèrè irú nǹkan tí Yorùbá ń sọ pé ó pọ́n. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ́n, ìbẹ́pẹ ń pọ́n, mángòrò ń pọ́n. Àgbàdo kì í pọ́n, gbígbó ni ó ń gbó, bẹ́ẹ̀ náà ni obì. Ohun tí ó pọ́n lónìí, bí a kò bá jẹ ẹ́, kò ní pẹ́ rà, nígbà tí ohun tí ó gbó ṣeé kó sínú àká. Jack Nicklaus gba ife gọ́ọ̀fù ní Augusta ní 1986 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 46. Ṣé ìbẹ́pẹ ni ìwọ fẹ́ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? "Ọjọ́ orí ìgbó" ni kí o lò. Olùkọ́ tí ó kọ́ wa ní àmì ohùn, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ì bá ti na ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ "ìpọ́n" sínú ìwé rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta:
Bàbá, mo júbà, ṣùgbọ́n tiyín léwu ju tirẹ̀ lọ. Bí atọ́kùn bá ṣi ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ pè, "ọjọ́ orí igbó" ni gbogbo ìlú yóò gbọ́, ọlọ́pàá á sì wá bèèrè igbó tí àwọn eléré ń fà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, aṣọ náà ń gbó, èyí tí ó bá sì ti gbó kò wúlò mọ́. Ní ti ìdí rẹ̀, kò ṣòro rárá. Egungun ọmọdé rọ̀, ìyẹn ni atàkìtì fi ń kéré. Eré tí kò gba agbára ni àgbà lè ṣe, agbágọ́ọ̀fù sì kàn ń rìn kiri lórí koríko ni, nítorí náà kò ní ọjọ́ orí kankan tí ó ti dára jù.

Kóòṣì Sùúrùlérè:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí ó ti tó nǹkan bí ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn asáré kúkúrú, bí mi ò tilẹ̀ mọ gírámà tó yín. Àbúrò mi Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta gba ìdajì. Kì í ṣe rírọ̀ egungun ni ọ̀rọ̀ atàkìtì obìnrin. Ara rẹ̀ ni ẹrù tí ó ń gbé. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ sókè, tí yóò sì yí i ká lófuurufú kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀. Ara tí ó kúrú tí ó sì fúyẹ́ máa ń tètè yí. Nígbà tí ọmọbìnrin bá bàlágà, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn sí i, tí ìdí rẹ̀ sì gba ẹran, agbára àná kò ní tó gbé ara òní àfi bí ó bá wá agbára mìíràn kún un. Ti ọkùnrin kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìbàlágà ni ó ń fún un ní iṣan èjìká tí yóò fi dúró gbọnyin lórí òrùka méjèèjì, ìdí nìyí tí tiwọn fi máa ń bọ́ sí ẹ̀yìn ogún ọdún.

Síbẹ̀, ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni Nadia Comăneci nígbà tí ó gba máàkì 10 géérégé ní Montreal ní 1976, ṣùgbọ́n láti 1997, obìnrin tí kò bá ní pé ọmọ ọdún 16 láàárín ọdún ìdíje kò lè bá àwọn àgbà díje. Simone Biles gba góòlù gbogbogbòò ní Rio ní 2016 ní ọmọ ọdún 19, ó sì tún gbà á ní Paris ní 2024 ní ọmọ ọdún 27. Bí ara nìkan bá ni ó ń pinnu, èkejì yìí ì bá má ṣẹlẹ̀.

Eré ọgọ́rùn-ún mítà ni mo mọ̀ jù. Bí asáré bá ti dé ìsáré tí ó le jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ nílẹ̀, láàárín àkókò yẹn ni ó sì gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀ pẹ̀lú agbára tí ó ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Iṣan tí ó ń yára fà nìkan ni ó lè ṣe é, irú iṣan náà ni ọjọ́ orí sì kọ́kọ́ máa ń mú dín kù. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18 ti ní iṣan náà, ṣùgbọ́n kò tí ì mọ bí a ṣe ń sá láìfún èjìká pọ̀. Ibi tí iṣan àti ìmọ̀ ti pàdé ni nǹkan bí ọdún 24 sí 27. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Usain Bolt pé ọmọ ọdún 23 nígbà tí ó sá 9.58 ní Berlin ní 2009. Tobi Amusan tiwa jẹ́ ọmọ ọdún 25 nígbà tí ó fo họ́dù ní 12.12 ní Eugene ní 2022.

Ẹ ó bi mí bí mo ṣe ń mọ̀ pé asáré ti kọjá ibẹ̀. Etí ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Mo máa ń kẹ̀yìn sí wọn, mo sì ń gbọ́ ìró bàtà wọn. Ti ọ̀dọ́ á máa dún tá, tá, tá. Ti ẹni tí ó ti ń kọjá á máa dún pà, pà, nítorí pé ẹsẹ̀ ń pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ á kúrú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á ṣì máa yí kánkán, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ kò ní fura. Nígbà tí aago bá wá ń já a kulẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹsẹ̀ síwájú tipátipá, ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀yìn itan ti máa ń ya. Mo ti fà wọ́n kúrò lórí pápá rí, kì í ṣe ẹnì kan, kì í ṣe ẹni méjì. Shelly-Ann Fraser-Pryce sá 10.60 ní ọmọ ọdún 34 ní 2021, ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀ ni. N kò lè fi kọ́ ẹlòmíràn.

Asáré Ìrọ̀lẹ́, Ògùdù:
Ẹ ṣeun, mà. Mo rò pé ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 41 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ sá máratọ́ọ̀nù Èkó, orí afárá Táàdì Mèńlándì ni gbogbo okun inú mi ti tán, wákàtí márùn-ún ó lé ni mo sì lò. Ní ọmọ ọdún 45, mo sá a ní wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà, ọdún 45 ni ọjọ́ orí ìpọ́n tèmi, ẹnikẹ́ni kò sì lè jà mí níyàn.

Kóòṣì Sùúrùlérè:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin tí ẹ fi ń sáré ni ó mú yín yára, kì í ṣe ọdún 45 tí ẹ ti lò láyé. Ká ní ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 20 ni, ẹ ì bá ti kọjá ibi tí ẹ ti dára jù kí ẹ tó pé 45. Ọjọ́ orí méjì ni eléré ní: ti ìbí àti ti pápá. (Ọ̀kan ṣì wà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ń kọ sínú ìwé ìrìnnà, mi ò ka ìyẹn mọ́ ọn.)

Nínú eré ọ̀nà jíjìn, ti pápá yìí lágbára púpọ̀. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lè gbé lọ fún iṣan a máa dín kù díẹ̀díẹ̀ bí ènìyàn bá ti ń kọjá ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti sá ọ̀kẹ́ àìmọye kìlómítà ń kọ́ láti fi afẹ́fẹ́ kékeré sáré jìnnà, bí awakọ̀ tí ó mọ bí a ṣe ń ṣọ́ epo. Ẹ wo Eliud Kipchoge. Ní 2003, ọmọ ọdún 18 ni ó gba góòlù àgbáyé nínú eré 5,000 mítà ní Paris. Ọdún 2013 ni ó tó bọ́ sídìí máratọ́ọ̀nù, ọmọ ọdún 37 ni ó sì jẹ́ nígbà tí ó sá 2:01:09 ní Berlin ní 2022.

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta:
Kelvin Kiptum ńkọ́? Ọmọ ọdún 23 ni ó sá 2:00:35 ní Chicago ní 2023.

Kóòṣì Sùúrùlérè:
O mú mi. Tààrà ni ó lọ sí eré títì, kò gba inú pápá kọjá bí àwọn àgbà rẹ̀ ti ṣe. Ó ṣeé ṣe kí ọdún ọgbọ̀n ó lé tí a ń kà fún máratọ́ọ̀nù jẹ́ àbájáde pípẹ́ tí wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ikú kò jẹ́ kí a rí bí tirẹ̀ ìbá ti rí ní ọdún 30.

Baba Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ní aṣọ ń gbó kò tí ì ronú jinlẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àkísà yìí náà ni agbágọ́ọ̀fù fi ń borí. "Ìgbó" ni mo wí.

Kádì Ìkòyí:
Bàbá, mo ti gbé àpò gọ́ọ̀fù fún àwọn ọ̀gá ní Ìkòyí ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ẹ má jẹ́ kí Nicklaus tàn yín. A ń rántí rẹ̀ nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n ni. Àwọn tí ó ń gba ife ńlá, ìparí ogún ọdún sí àárín ọgbọ̀n ni púpọ̀ nínú wọn wà, nítorí pé bí ọ̀pá bá ti ń yára sí ni bọ́ọ̀lù ń jìnnà sí, àgbà sì máa ń pàdánù ìyára yẹn. Ohun tí ó yàtọ̀ sí ti asáré ni pé ó ní ohun tí ó lè fi dí i: ó mọ ibi tí kò yẹ kí bọ́ọ̀lù lọ. Ìyẹn ni Phil Mickelson fi gba ife ńlá ní 2021 ní ọmọ ọdún 50.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Tom Watson ní Turnberry ní 2009, ẹni ọdún 59. Ihò ìkẹyìn nìkan ni ó kù, bí ó bá fi ìgbá mẹ́rin parí rẹ̀, ife ti di tirẹ̀. Ìgbá kejì rẹ̀ dára débi pé ó kọjá ẹ̀yìn ihò. Lẹ́yìn ìgbá kẹta, ó wá ku nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbé e dé ihò. Òun àti Stewart Cink wá di ọgbọọgba, wọ́n tún un gbá, Cink sì gbé ife lọ. Ìgbá jíjìn kọ́ ni ó já a kulẹ̀, èyí tí ọmọdé pàápàá lè gbá wọlé ni. Èmi náà ń rí i lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá mi: wọ́n mọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò gbà, ọwọ́ ni kò gbọ́ràn mọ́.

Atọ́kùn Rédíò, Yàbá:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N ó sọ pé atàkìtì àti asáré kúkúrú "pọ́n", pé asáré ọ̀nà jíjìn àti agbágọ́ọ̀fù "gbó", n ó sì sọ pé Biles pọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Baba Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo ni ìwọ rí tí ó pọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì?