Ṣé kí n fi File transfer sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Fóònù Android ni mò ń lò, Windows ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Oríkì tí màmá mi àgbà kì, tí mo gba ohùn wọn sílẹ̀, ni mo fẹ́ kó sórí kọ̀ǹpútà.

Okùn àkọ́kọ́ kàn ń ṣáàjì fóònù lásán ni, kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo so nǹkan mọ́ ọn. Mo ti ń bú fóònù kí n tó yá okùn àbúrò mi. Àṣé okùn tèmi ò ní wáyà tó ń gbé fáìlì! Nínú ètò USB fóònù, mo kọ́kọ́ yan PTP, àwòrán nìkan ni mo rí, kò sí ohùn kankan. Ìgbà tí mo yí i sí File transfer ni gbogbo fódà tó jáde.

Ìṣòro tó kù ni pé bí mo bá yọ okùn tí mo tún kì í bọ̀ ọ́, á ti padà sí No data transfer. Mo tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje kí Developer options lè yọjú, mo sì rí Default USB configuration níbẹ̀, ibi tí mo ti lè yan File transfer kó máa wà bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá so okùn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbà tí fóònù bá wà ní ṣíṣí ni yóò ṣiṣẹ́, kí n má sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tí mi ò fọkàn tán.

Ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí, torí mo máa ń ṣáàjì lára kọ̀ǹpútà ẹlòmíì níbi iṣẹ́. Bí mo bá ti fóònù pa kí n tó so ó, ṣé ó tó? Àbí kí n kúkú máa fọwọ́ yàn án nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ kó fáìlì?