Ìgbóná, ìwákọ tàbí ìgbàgùn: kí ni kí a pe àkókò tí abo màlúù ń fẹ́ akọ?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ògbufọ̀ kan ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mò ń ṣe ìwé pélébé kan fún àwọn tó ń sin màlúù tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀ ní agbègbè Ìsẹ́yìn, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí abo màlúù ń fẹ́ akọ àti wákàtí tó yẹ kí wọ́n pe ẹni tí yóò fi àtọ̀ sí i. "Ìgbóná ara" ni mo kọ́kọ́ kọ. Ṣé ó bójú mu, àbí ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó sàn jù?

Láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ èdè kan tó ti fẹ̀yìn tì, ní Òndó

Ọmọ mi, ó bójú mu. Mo gbọ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ nípa ẹran pé ooru ara màlúù a máa lọ sókè díẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn kò purọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ èyí tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo dábàá "àkókò oṣù màlúù", nítorí pé ẹ̀jẹ̀ a máa hàn lábẹ́ ìrù rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èmi fúnra mi ti rí i lára màlúù bàbá mi.

Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sin màlúù ní Ṣakí

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìgbóná ara màlúù kò nílò ariwo púpọ̀. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí oòrùn mú gan-an, méjì nínú mẹ́rin tí mo ní bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, wọn kò jẹ koríko, wàrà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ìbòji igi máńgòrò àti omi tútù nígbà mẹ́ta lóòjọ́ ni mo fi tọ́jú wọn. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé yín.

Láti ọ̀dọ̀ dókítà ẹran kan ní Òkè-Ògùn

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n wa ti Ṣakí sọ òótọ́ nípa ìbòji àti omi, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí "ìgbóná" gbé wọn lọ. Màlúù tí ń fẹ́ akọ kò ṣàìsàn. Mo ti dé gáà kan rí tí wọ́n ti gún irú màlúù bẹ́ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ nítorí pé wọ́n rò pé ibà ló ń ṣe é. Ooru ara tí olùkọ́ wa mẹ́nu kàn a máa lọ sókè lóòótọ́, àmọ́ ó kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àgbà wa ti fi "ìgbóná" pe àìsàn tí a kì í fẹ́ dárúkọ.

Ní ti "oṣù", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó. Ẹ̀jẹ̀ tí olùkọ́ rí kì í ṣe àmì pé àkókò tó. Ó sábà máa ń jáde ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí àkókò ti kọjá, kò sì sọ bóyá màlúù lóyún tàbí kò lóyún. Ẹni tó bá torí ẹ̀jẹ̀ pè mí ti pẹ́ jù. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ wúlò fún ni kíkà: kí ó sàmì sí ọjọ́ náà, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ màlúù náà gidigidi láti nǹkan bí ọjọ́ 16 lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ 21 ni ìyípo wọn sábà máa ń gbà, ó lè jẹ́ 18, ó sì lè tó 24.

"Ó ń wá akọ" ni mo bá lẹ́nu àwọn ìyá wa tó ń sin ewúrẹ́, "ìwákọ" ni èmi yóò sì yàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò tó. Bí ìwákọ bá ń bọ̀, màlúù kì í sinmi. Ó ń ké, ó ń gbóòórùn abẹ́ àwọn yòókù, ó ń gbé àgbọ̀n lé wọn nídìí, ó tilẹ̀ ń gùn wọ́n, ikun tó mọ́ gaara bíi funfun ẹyin adìẹ tútù sì ń fà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo èyí ń sọ pé kí a máa wò ó. Ìgbà tí òmíràn bá gun òun náà, tí ó sì dúró gbọin-gbọin láìsá, ni aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Èyí ni mo fẹ́ kí ó ní orúkọ tirẹ̀, mo sì dábàá "ìgbàgùn".

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n pè mí sí màlúù kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Búnàjì, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ Fìrísíà. Wọ́n ní ó ti ń gun àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sán. Mo gba ọ̀rọ̀ wọn, mo sì fi àtọ̀ sí i ní aago 7 alẹ́. Ní aago 6 àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ó tó kọ́kọ́ dúró kí wọ́n gùn ún. Láti ìgbà náà, ẹyin a máa jábọ́ ní nǹkan bíi wákàtí 24 sí 32, èyí tó túmọ̀ sí òwúrọ̀ sí ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àtọ̀ dídì tí a ti yọ́ kì í sábà lágbára ju bí ọjọ́ kan lọ nínú ilé ọmọ, nígbà tí tèmi sì ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ogójì wákàtí. Màlúù náà tún wákọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gééré.

Lẹ́ẹ̀kejì, a fi ọ̀dà kun ìdí ìrù rẹ̀, kí ó lè họ bí òmíràn bá gùn ún. Ní aago 10 alẹ́, ọ̀dà ṣì wà bó ṣe wà. Ní aago 6 àárọ̀, ó ti họ, màlúù mìíràn sì gùn ún lójú wa, kò mira. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni mo fi àtọ̀ sí i. Nígbà tí ẹyin yóò fi jábọ́, àtọ̀ ti ní àkókò tó láti gbára dì, kò sì tíì rẹ̀ ẹ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọwọ́ mi bá oyún nínú rẹ̀. Òfin tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣòro, láti inú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nẹ̀bíráskà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1948 ni a sì ti sábà ń tọ́ka sí i: èyí tó gbàgùn láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni tirẹ̀, èyí tó gbàgùn nírọ̀lẹ́, àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kejì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń fi sí i lẹ́ẹ̀kan péré lójúmọ́, wọ́n sì ń rí oyún. A kò tíì fẹnu kò lórí ìyẹn.

Láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ ní Òndó

Dókítà, mo gba àtúnṣe lórí ẹ̀jẹ̀, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi àmì ohùn sórí ìwé pélébé? Láìsí àmì, "ìwákọ" yóò di iṣẹ́ awakọ̀, "ìgbàgùn" yóò sì dà bí ẹni ń gba abẹ́rẹ́ tí a gún. Mo fara mọ́ "dídúró fún gígùn", bí ó tilẹ̀ gùn lẹ́nu.

Láti ọ̀dọ̀ ògbufọ̀ ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Mo ti pa "ìgbóná" rẹ́ pátápátá. Fún ìsinsìnyí, mo kọ ọ́ báyìí: "Bí màlúù rẹ bá ń wá akọ, máa ṣọ́ ọ. Bí òmíràn bá gùn ún tí kò sá, wo aago, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì pe dókítà." Ní ti "ìgbàgùn", màá kà á sétí àwọn tó ń da màlúù kí n tó tẹ̀ ẹ́. Dókítà, ohun kan kù: wọ́n ní òru ni màlúù Búnàjì sábà máa ń dúró, kì í sì í pẹ́. Bí ọ̀dà bá họ láàárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i, ṣé èyí tó dúró láàárọ̀ ni kí n kà á sí, àbí èyí tó dúró lálẹ́ àná?

Láti ọ̀dọ̀ dókítà ẹran

Bí wọ́n bá wo ọ̀dà ní aago 10 alẹ́ tí ó ṣì wà, ẹ kà á sí èyí tó dúró láàárọ̀. Bí ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti wò ó kẹ́yìn, èmi a máa fi àtọ̀ sí i ní ọ̀sán, láìdúró de ìrọ̀lẹ́.