Ta ló sọ 16 di «gbèsè àtọ̀runwá»?

ÀBÚRÒ ÌJẸ̀BÚ: Ẹ káàsán o. Mo rí ibi tí wọ́n ti pe 13, 14, 16 àti 19 nínú numerọ́lọ́jì, iṣẹ́ àwọn tó ń fi nọ́ńbà ọjọ́ ìbí àti orúkọ sọ ìwà èèyàn, ní «nọ́ńbà gbèsè àtọ̀runwá», pé òun ni Yorùbá «karmic debt». Ṣé orúkọ yẹn bá a mu? Gbèsè kí sì ni?

OLÙKỌ́ FẸ̀YÌNTÌ: Kò bá a mu rárá. Ohun tí èèyàn gbé ti ọ̀run bọ̀ là ń pè ní àtọ̀runwá. Àwọn oní-numerọ́lọ́jì kò sọ pé ọ̀run lẹni náà ti jẹ gbèsè. Ayé yìí náà ni, nígbà tó kọ́kọ́ wá. Wọ́n ní ẹni tó ní 13 ya ọ̀lẹ nígbà náà, ó ń ti iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Ẹni tó ní 14 ṣi òmìnira lò, ó kó sínú ọtí àti fàájì. Ti 16 ni ìgbéraga àti ìfẹ́ tó tú ilé onílé ká. Ti 19 ni ẹni tó fi agbára rẹ́ ọmọnìkejì jẹ. Nítorí náà, «gbèsè àtẹ̀yìnwá» ló yẹ ẹ́. Bàbá tó kọ́ mi ní gírámà kò jẹ́ gba «àtọ̀runwá» yẹn lọ́wọ́ ọmọ iléèwé.

ÌYÁ ÌBEJÌ, ÀKÚRẸ́: Sà, ẹ má bínú. Èyí tí mo jẹ alákàrà lóṣù tó kọjá, ṣebí gbèsè àtẹ̀yìnwá lòun náà? Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ẹ̀rìn-dín-lógún, ọ̀kàn-dín-lógún. Ẹ ò rí «dín» níbẹ̀ ni? Ó dín, ó kù, a jẹ ẹ́ nìyẹn. Yorùbá ti mọ̀ kí wọ́n tó dé.

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Ìyá wa, kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀tàlá àti ẹ̀rìnlá ṣe? Àwọn yẹn lé ni, wọn ò dín. Ẹ̀tàdínlógún àti èjìdínlógún náà ní «dín», kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n ní gbèsè. Bí a ṣe ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe bí a ṣe ń pè é. 1 àti 6 ló di 7. Kò sí ọ̀kan tàbí ẹ̀fà nínú «ẹ̀rìndínlógún» tí èèyàn lè rò pọ̀.

Ibi tí gbèsè náà wà ni nọ́ńbà tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn. 4 tó ti inú 13 jáde jẹ gbèsè, wọ́n á kọ ọ́ ní 13/4. 4 tó ti inú 31 jáde kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ mú ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta 1986. Bí ẹ bá kọ́kọ́ sọ ọdún di ẹyọ kan, 1986 á di 24, 24 á di 6. 7+3+6 jẹ́ 16, ìyẹn 7. Wọ́n á ní kó ṣọ́ra, pé ohun tó bá fi ìgbéraga kọ́ á wó lulẹ̀ lójijì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá to gbogbo ẹyọ nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan, 7+3+1+9+8+6, 34 lẹ máa rí. 34 náà ń di 7, gbèsè ti lọ! Ọjọ́ ìbí kan náà, ẹni kan náà. Onímọ̀ tí ẹ bá bá pàdé ló máa sọ bóyá ẹ jẹ gbèsè.

ÌYÁ ÌBEJÌ, ÀKÚRẸ́: Owó ẹyọ ẹ̀rìndínlógún la fi ń dá a. Odù àgbà, ẹ̀rìndínlógún. Títí dé Kúbà ni wọ́n ti ń pè é ní dílógún. Kí n wá gbọ́ pé ilé wíwó ni?

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Wọn ò bá Ifá tan, mà. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.

ṢADÉ: Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ńkọ́? Ọmọbìnrin kan fi orúkọ mi ṣírò, ó ní 19 ni, pé mi ò ní í fẹ́ gba ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

ỌMỌ Ọ̀FÀ: Báwo lẹ ṣe kọ ọ́? Nínú tábìlì wọn, S jẹ́ 1, H jẹ́ 8, A jẹ́ 1, D jẹ́ 4, E jẹ́ 5. Shade jẹ́ 19 lóòótọ́. Ẹ yọ H kúrò: Sade jẹ́ 11, èyí tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀. Tábìlì wọn ò mọ àmì ìsàlẹ̀. Orúkọ tó wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí látòkèdélẹ̀ ló sì yẹ kó lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń pè yín nílé.

OLÙKỌ́ FẸ̀YÌNTÌ: Ta ló tiẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni fi «sh» kọ Ṣadé?

ṢADÉ: Àwọn tó kọ ìwé ọjọ́ ìbí mi ni, sà.

ÀBÚRÒ ÌJẸ̀BÚ: Ẹ̀yin àgbà, kí ni kí n wá kọ? Ṣé «gbèsè àtúnwáyé»?

OLÙKỌ́ FẸ̀YÌNTÌ: Rárá o. Babátúndé àti Yétúndé ló tún ayé wá láàárín wa, a sì ń yọ̀ mọ́ wọn. Ta ló ní gbèsè ni wọ́n wá san?

ÌYÁ ÌBEJÌ, ÀKÚRẸ́: «Gbèsè àkọ́wá», nígbà náà. Ẹ ní nígbà tó kọ́kọ́ wá ni.

OLÙKỌ́ FẸ̀YÌNTÌ: Àkọ́wá bí àkọ́bí? Ta ló sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti wá tẹ́lẹ̀?