Tíríìpù mélòó ni yẹ̀pẹ̀ kòtò táǹkì yìí máa jẹ́?

Ẹni tó béèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. À ń gbẹ́ kòtò táǹkì omi abẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé wa ní Òṣogbo, lọ́nà Òkè-Báálẹ̀. Nínú páláànù, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 6, ìbú rẹ̀ 4, jíjìn rẹ̀ 2.5. Ó di 60 kúbíìkì mítà. Mo fi téèpù wọn ikùn típà tí wọ́n fẹ́ lò: mítà 3.6 ní gígùn, 2 ní ìbú, 0.7 ní gíga. Ó gba nǹkan bíi 5. Mo bá pín in, tíríìpù 12. Kọngílá ní kí n mú owó 20 wá. Mo ní ṣé yẹ̀pẹ̀ ń bímọ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tí a bá ti gbẹ́ ẹ, wíwú ló ń wú. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó fẹ́ jẹun lára mi?

Ìyá Ìbejì: Ó ń wú o! Ògiri pálọ̀ wa là nígbà òjò, wọ́n ní amọ̀ abẹ́ ilé ló mu omi tó wú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ yín wò dáadáa kí ẹ tó kọ́ táǹkì síbẹ̀.

Onípéńtì: Kọngílá ò purọ́ tán. Irú ilẹ̀ pupa yìí ń wú tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ yọ 30 yẹn kúrò nínú ohun tí típà ń gbà, 5 á di 3.5. Tí ẹ bá fi pín 60, ó lé ní 17. Ẹ pè é ní 18.

Ọ̀gá Sáìtì: Ìyá Ìbejì, omi ló fa wíwú tiyín. Èyí, ṣọ́bìrì ló fà á. Ilẹ̀ tí ẹnì kan ò tíì fọwọ́ kàn ti dì mọ́ra. Tí a bá tú u, ó di ògúlùtu, afẹ́fẹ́ sì wọ àárín rẹ̀. Kò wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ààyè tó ń gbà ló pọ̀ sí i.

Onípéńtì, 30 yín ṣeé gbà, ibi tí ẹ ti yọ ọ́ ni kò dáa. Ìdá ilẹ̀ inú kòtò ni, kì í ṣe ìdá ikùn típà. Ẹ fi kún 60, ó di 78. Ẹ wá fi 5 pín in: 15.6, ìyẹn tíríìpù 16.

Ṣùgbọ́n ẹ má gba 30 lẹ́nu ẹnikẹ́ni, èmi náà pẹ̀lú. Iyanrìn lè má ju 10 sí 15 lọ, àpáta tí wọ́n fọ́ sì lè kọjá 50. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kòtò, níbi tí wọn ò tíì tú: 50 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 50 ní ìbú, 40 ní jíjìn. Ọgọ́rùn-ún lítà gééré nìyẹn. Ẹ kó gbogbo yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà oní-20 lítà, ẹ má kì í mọ́lẹ̀. Ká ní kò wú ni, bọ́kẹ́ẹ̀tì 5 ni ì bá jẹ́.

Ẹni tó béèrè: Mo ti ṣe é. Bọ́kẹ́ẹ̀tì 6 àti ààbọ̀! 30 náà nìyẹn. Ó ku kí n lọ bá kọngílá jà lórí tíríìpù 4.

Onítípà: Ẹ wọn kòtò kí ẹ tó jà o. Lébìrà kì í gbẹ́ ohun tó wà nínú páláànù.

Ẹni tó béèrè: Háà. Mo wọ̀n ọ́n. 6.4 ní 4.4. Wọ́n ní bíríkìlà gbọ́dọ̀ rí ibi dúró sí lẹ́yìn ògiri.

Ọ̀gá Sáìtì: Onítípà gbọ́n jù mí lọ níbí. 70.4 ló jáde. Tó bá wú, ó lé díẹ̀ ní 91, tíríìpù 19. Kọngílá ò jìnnà. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn, 10.4, wọ́n máa dí i padà. Ẹ fi nǹkan bíi 13.5 yẹ̀pẹ̀ títú sílẹ̀ fún un, kí wọ́n kì í dáadáa, yóò dì padà. Ohun tó máa jáde á tún di 78, tíríìpù 16.

Ẹni tó béèrè: Ó ní kò sí ààyè tí òun máa kó o sí, òun á kó gbogbo rẹ̀ lọ, òun á sì ra òmíràn tí wọ́n bá fẹ́ dí i.

Ìyá Ìbejì: Ẹ san owó kíkó lọ, ẹ tún san owó rírà?

Ọ̀gá Sáìtì: Tí àgbàlá bá há lóòótọ́, kò sí bí ó ṣe fẹ́ ṣe é. Ẹ̀yin lẹ rí ibẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kí ẹnì kan dúró sẹ́nu géètì, kó máa wo ikùn típà kó tó jáde bóyá ó kún dé etí.

Onítípà: Tí òjò bá rẹ ẹ́, mi ò ní kún un dé etí o. Ẹrẹ̀ wúwo, sípíríǹgì mi ló máa ṣẹ́.

Ẹni tó béèrè: Ta ló máa wá san tíríìpù tí kò kún?

Onítípà: Ẹ tètè kó o kí òjò tó dé.