Ǹjẹ́ fáìlì tí wọ́n fi Shift+Delete pa rẹ́ ṣì ṣeé rí gbà padà?

Ẹ̀yin ọ̀gá nídìí kọ̀ǹpútà, mo kí yín o. Akọ̀wé ọ́fíìsì ni mí. Ẹnì kan fi Shift+Delete pa fáìlì owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́, kò sì sí nínú Recycle Bin. Mo mọ̀ pé lórí dísíìkì tó ń yí, ohun tó wà nínú fáìlì kì í kúrò títí nǹkan mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀, ìdí nìyí tí a kò fi lo ẹ̀rọ náà mọ́. Àmọ́ SSD ni tiwa, àṣẹ yìí sì dáhùn pé 0 fún NTFS, ìyẹn ni pé TRIM ń ṣiṣẹ́:

```
fsutil behavior query DisableDeleteNotify
```

Ẹ jọ̀wọ́, bí orúkọ fáìlì bá ṣì yọ, tó sì jẹ́ pé òdo nìkan ló kún inú rẹ̀, ṣé ó ti tán nìyẹn?